Ojú Ràbíátù ní Ìlà Ẹ̀yìn

Abdulhameed tún fa fọ́tò náà tóbi lórí kọ̀ǹpútà, ojú obìnrin tó wà ní ìlà ẹ̀yìn sì tún fọ́ sí wẹ́wẹ́. Imú dàpọ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Gèlè di ìkúùkù.

"Bàbá, ẹ wò ó," ó ní. "Bí mo ṣe ń fẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ló ń bàjẹ́."

Àjàmú na ọrùn sí ojú kọ̀ǹpútà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sáàárín orúnkún. Jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù kejì ń pariwo, èéfín rẹ̀ sì ń wọlé bọ̀ wá bá wọn. Ìsọlọ̀ gbóná lọ́jọ́ náà bí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé sórí iná.

"Ṣé ìwọ náà ń rí i bẹ́ẹ̀?" ó bèèrè nígbà tó yá.

"Bẹ́ẹ̀ báwo, Bàbá?"

"Pé kò mọ́."

"Kò mọ́ rárá. Bàìbàì ló rí. Ó dà bí ẹni pé inú omi ọṣẹ ni wọ́n ti ń wò wá."

Àjàmú mí kanlẹ̀. Láti ọjọ́ tí fọ́tò náà ti wọ inú fóònù rẹ̀ ló ti ń dá ojú ara rẹ̀ lẹ́bi. Àìsàn kan wà lójú rẹ̀ tó ń jẹ ẹ́ bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, bí ìgbà tí eku bá ń jẹ etí aṣọ. Dọ́kítà ti sọ fún un pé èyí tó ti lọ kò ní padà, pé èyí tó kù ni àwọn yóò máa fi oògùn dì mú. Nítorí náà, nígbà tó ṣí fọ́tò náà tí kò rí nǹkan kan, ó rò pé ibi tí ojú òun bá a dé nìyẹn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń ṣí i láràárọ̀, ó ń sún un mọ́ imú, ó ń pa á dé. Lẹ́yìn tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ títí tó rẹ̀ ẹ́ ló gbé e wá sọ́dọ̀ Abdulhameed, ẹni tó máa ń tẹ fọ́tò sórí pépà fún gbogbo àdúgbò, pé kó tẹ ojú náà tóbi fún òun, bóyá òun a rí i bẹ́ẹ̀.

"Ta ni obìnrin yìí gan-an?" Abdulhameed bèèrè.

"Ìyá mi."

Abdulhameed gbé ọwọ́ kúrò lórí máòsì.

"N kò mọ̀ ọ́n," Àjàmú ní. "Wọn kò tíì gba ọmú lẹ́nu mi nígbà tó kú. Kò sí fọ́tò rẹ̀ nílé wa. Mo dàgbà, mo ta aṣọ ní Òṣòdì títí irun mi fi funfun, n kò rí ojú rẹ̀ rí."

Ọ̀rọ̀ náà ti gùn ju bí ó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ lọ.

Bí fọ́tò náà ṣe jẹ́ nìyí. Alhaja Sínátù, ìbátan wọn kan ní Ìsẹ́yìn, darúgbó tán, àwọn ọmọ rẹ̀ sì gbé e wá sọ́dọ̀ Lateefah, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ta báàkẹ́tì àti abọ́ oníke ní Òkè-Afà. Nínú ẹrù tí Alhaja gbé wá ni fọ́tò ńlá kan wà nínú gíláàsì: ẹgbẹ́ àwọn obìnrin aláṣọ Ìsẹ́yìn, láyé àtijọ́, wọ́n tò ní ìlà ìlà níwájú ilé alágbàlá kan, wọ́n lé ní ogún. Nígbà tí Àjàmú lọ kí Alhaja, ìyá àgbà náà na ìka sí ògiri. "Ràbíátù rèé, ẹnì kẹta láti ọwọ́ ọ̀tún, ní ìlà ẹ̀yìn, èyí tí gèlè rẹ̀ wọ́. Ìyá rẹ nìyẹn." Àjàmú dìde, ó lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí iná lọ́jọ́ náà, pálọ̀ ṣókùnkùn, eruku bo gíláàsì. Ìyá Khàlíl, ìyẹn Lateefah, ló ní kó má ṣèyọnu, pé òun a yà á ní fóònù lọ́sàn-án, òun a fi ránṣẹ́. Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó yá, Alhaja kú.

"Fọ́tò ara ògiri yẹn ńkọ́?" Abdulhameed ní. "Ká kúkú lọ tún un yà dáadáa."

"Kò sí mọ́. Òjò wọlé bá wọn lóṣù tó kọjá. Fọ́tò lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yọ ọ́, ojú gbogbo wọn bá gíláàsì lọ."

"Subhānallāh."

"Èyí tí Ìyá Khàlíl yà ló kù."

Abdulhameed fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀. Ó kọjú sí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Bàbá, ọ̀nà ló ti bàjẹ́, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti yà á. Ẹ jẹ́ n fi yé yín. Àmì tóótòòtóó ló ń di fọ́tò, bí ìrẹsì tí wọ́n tẹ́ sórí àtẹ. Ìgbà tí Ìyá Khàlíl yà á, ìrẹsì kún àtẹ. Ṣùgbọ́n kí Wásáàpù tó gbé e wá bá yín, ó ti bù ú kúrò. Kí ẹrù lè fúyẹ́, kó lè tètè dé, kó má jẹ dátà. Ẹ̀bù tó kù ló dé ọ̀dọ̀ yín."

"Ta ló ní kó bù ú?"

"Bí wọ́n ṣe tò ó nìyẹn. Ohun tí wọ́n ń pè ní Standard ló máa ń wà lórí rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i. Ọ̀nà kejì wà, HD. Ìyẹn náà ń bù díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹ́ ohun tó pọ̀ kù. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló dúró nínú fọ́tò, Standard náà kò burú, ojú ẹ á hàn. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí lé ní ogún! Kí ni yóò kan ojú ẹnì kan ní ìlà ẹ̀yìn? Ẹ̀kún ọwọ́ ìrẹsì kò kàn án."

"Ṣé o kò lè bá mi dá a padà?"

"Èyí tó ti dà nù ti dà nù. Ẹ̀rọ wà tó lè fi ojú sí i o, ojú tó máa dán gbinrin. Ṣùgbọ́n ojú tó bá fọkàn ara rẹ̀ rò ni. N kò ní gbé ìyá oníyàá fún yín, Bàbá."

Àjàmú mi orí. Ó ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu dọ́kítà.

"Àmọ́ ti inú fóònù Ìyá Khàlíl ṣì pé," Abdulhameed ní. "Èyí tó yà gan-an. Wásáàpù kì í fọwọ́ kan ìyẹn. Ẹ pè é, ẹ ní kó tún un fi ránṣẹ́ ní HD."

Àjàmú pè é, ó sọ fún un pé fọ́tò náà kò hàn. Ohùn Lateefah jáde látinú fóònù tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù fi gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ṣé ẹ ò tíì rí fọ́tò yẹn síbẹ̀? Ẹ lọ ra awò tuntun, ẹ yé fìyà jẹ fọ́tò!"

"Ojú mi kọ́," Àjàmú ní. Ó pẹ́ tó ti fẹ́ sọ ọ́. "Tún un fi ránṣẹ́. Tẹ HD."

"HD bí ti tẹlifíṣọ̀n? Kò burú. Ẹ dúró."

Wọ́n dúró. Fóònù Àjàmú ké. Abdulhameed gbà á, ó fi ìka méjì fẹ ojú rẹ̀, ó sì mi orí. Bákan náà ni. Imú mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló wá pe Lateefah padà.

"Àǹtí, ẹ kú ọjà. Ibo lẹ ti mú fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ yìí?"

"Nínú ibi tí mo ti fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi tẹ́lẹ̀ náà ni. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo fi ọfà ta á. N ò rí HD kankan níbẹ̀."

"Ẹ ò lè rí i. Èyí tí wọ́n ti bù lẹ tún fi ránṣẹ́. Bí ẹ ta á ní ọgọ́rùn-ún ìgbà, ẹ̀bù náà ni. Ẹ wọ inú gálárì, ibi tí fọ́tò tí ẹ yà fúnra yín máa ń wà…"

"Gálárì?" Lateefah rẹ́rìn-ín. "Gálárì tí mo ti ń pa rẹ́ láti àárọ̀? Fóònù ti kún, ó ní òun ò gbà mọ́. Gbogbo èyí tí mo bá ti fi ránṣẹ́ sí èèyàn, mo ń pa á. Ó ṣáà ti wà lọ́wọ́ wọn."

Abdulhameed dìde. "Àǹtí, ẹ dúró! Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́! Àǹtí?"

Ariwo oníbàárà gba ẹnu fóònù, ẹnìkan ń bèèrè abọ́ oníke, fóònù sì kú. Wọ́n pè é, kò gbé e. Wọ́n tún pè é.

Àjàmú ti di ọ̀pá rẹ̀ mú. Bẹ́ǹṣì yẹn ti mọ́ ọn lára, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì fẹ́ ìrìn, ṣùgbọ́n ó dìde.

"Ẹ jẹ́ n wá kẹ̀kẹ́ fún yín," Abdulhameed ní. "Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ pè mí, màá máa sọ ibi tí yóò tẹ̀."

Kẹ̀kẹ́ gbé e lọ sí Òkè-Afà. Kòtò pọ̀ lọ́nà, ó ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Ẹni tó jókòó tì í ń sọ̀rọ̀ ìjọba, ẹni tó wa kẹ̀kẹ́ ń fèsì. Àjàmú kò bá wọn dá sí i. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí ọ̀pá. Ó ti ń wá nǹkan kan láti kékeré, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé òun ń wá a. Nígbà tó wà lọ́mọdé, bí wọ́n bá ń sọ pé ọmọ kan jọ ìyá rẹ̀, yóò dìde kúrò níbẹ̀. Ní tirẹ̀, gbogbo èèyàn ń sọ pé bàbá rẹ̀ ló jọ. Ta ló tún kù tó lè sọ nǹkan mìíràn?

Báàkẹ́tì aláwọ̀ oríṣiríṣi ló to gègèrè gègèrè níwájú ṣọ́ọ̀bù Lateefah. Obìnrin náà jókòó sáàárín wọn, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sanra, ó ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀. Nígbà tó rí Àjàmú, ó fò dìde.

"Ẹ̀gbọ́n! Ṣé kò sí? Ẹ̀yin tí ẹ kì í jáde lọ́sàn-án!"

"Fọ́tò yẹn. Ṣé o ti pa á?"

"Ẹ jókòó ná. Ẹ mu omi."

"Lateefah. Ṣé o ti pa á?"

Kì í pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ìyá Khàlíl ló máa ń pè é. Obìnrin náà wò ó lójú, ó sì ju páálí sílẹ̀. Ó fa fóònù yọ lábẹ́ àga. Ojú fóònù náà ti sán láti òkè délẹ̀, ó dà bí ilẹ̀ ẹrọ̀fọ̀ tí oòrùn pa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Báàkẹ́tì kọjá, abọ́ kọjá, ìsìnkú Alhaja kọjá, báàkẹ́tì tún dé.

"Mo yà á," ó ń sọ fún ara rẹ̀. "Mo dúró síwájú rẹ̀, mo yà á, ó dáa gan-an. Òun ni mo fi ránṣẹ́ sí yín." Ìka rẹ̀ ń lọ. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti pa á. Mo tún ti da gbogbo ohun tó wà nínú àpótí ìdọ̀tí ibẹ̀ nù, torí pé fóònù ò yé sọ pé òun ṣì kún."

Àjàmú jókòó. Àga náà jẹ́ ti oníke, ó rọ̀ lábẹ́ rẹ̀.

"Ó dáa," ó ní.

"Kò dáa! Ẹ má sọ pé ó dáa! Mo rò pé ọ̀kan náà ni, èyí tó wà nínú fóònù mi àti èyí tó wà nínú tiyín. Ta ló mọ̀ pé wọ́n ń jẹ lára ẹ̀ lọ́nà?"

Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọlọ́jà tó kọjú sí wọn ń da omi sí ojú ọ̀nà kí eruku lè sinmi. Ó ń wo omi náà bí ilẹ̀ ṣe ń mu ún. Ó rò ó pé bí òun bá dìde nísinsìnyí, òun a dé ilé kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì.

"Ẹ dúró," Lateefah ní.

Ohùn rẹ̀ yàtọ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yà á. Èyí àkọ́kọ́ kò dáa, ìmọ́lẹ̀ wíńdò bọ́ sórí gíláàsì, ló jẹ́ kí n tún un yà. N ò fi ìyẹn ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. N ò pa á, torí pé èyí tí mo bá ti fi ránṣẹ́ nìkan ni mò ń pa." Ó na fóònù sí i. "Òun rèé!"

Àjàmú tẹ̀ síwájú. Ìmọ́lẹ̀ funfun kan bo apá òsì fọ́tò náà. Apá ọ̀tún tí Ràbíátù dúró sí ṣókùnkùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ náà kò bò ó. Síbẹ̀, ìlà tó sán lójú fóònù kọjá lórí ìlà ẹ̀yìn, ojú rẹ̀ kò sì lè ya èyí tó jẹ́ ìlà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó jẹ́ èèyàn.

"Fi ránṣẹ́," ó ní. "Dúró. Má tíì fọwọ́ kàn án."

Wọ́n fi fóònù Àjàmú pe Abdulhameed, wọ́n gbé e sórí báàkẹ́tì kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, kí gbogbo wọn lè máa gbọ́.

"Àǹtí, ẹ wọ Wásáàpù. Ẹ mú fọ́tò yẹn látinú gálárì. Ẹ má tíì tẹ ọfà ìfiránṣẹ́ o. Ẹ wo òkè, kí lẹ rí?"

"Mo rí sísọ́ọ̀sì, mo rí lẹ́tà T, mo rí… HD! Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́!"

"Ẹ tẹ̀ ẹ́."

"Ó mú méjì wá. Standard ni wọ́n fi àmì sí. Wọ́n kọ nọ́ńbà sábẹ́ wọn, ti HD pọ̀ ju ti èkejì lọ."

"Ìrẹsì orí àtẹ nìyẹn," Àjàmú ní.

"Ẹ̀gbọ́n, ìrẹsì wo?"

"Ẹ tẹ HD, Àǹtí. Ó ti mú un? Ó yá, ẹ fi ránṣẹ́ sí Bàbá àti sí èmi náà."

Lateefah tẹ̀ ẹ́. Òbìrí kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí lórí fọ́tò náà. Ó ń yí. Obìnrin kan wá ra báàkẹ́tì, ó ní ó ti wọ́n jù, ó lọ, ó padà wá. Òbìrí ṣì ń yí.

"Èyí tẹ́lẹ̀ kò pẹ́ báyìí," Lateefah ní. "Ìṣẹ́jú akàn ló lọ."

"Èyí wúwo," Abdulhameed sọ látorí báàkẹ́tì. "Ẹ má fà á."

"Ṣé bí màá ṣe máa fi gbogbo fọ́tò ránṣẹ́ nìyí? Dátà mi ńkọ́? Ẹ gbọ́, báàkẹ́tì mi á máa bá Standard lọ. Báàkẹ́tì ò ní ilà ojú."

Abdulhameed rẹ́rìn-ín. Àjàmú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, fóònù tirẹ̀ ké. Ó gbé e sókè, ó wò ó, ó sì gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Bákan náà ni," ó ní. "Bàìbàì."

"Bàbá, ṣé ẹ ti gbà á wọlé?" Abdulhameed bèèrè. "Ọfà kan wà láàárín rẹ̀. Òjìji rẹ̀ lẹ ń wò. Ẹ tẹ ọfà yẹn."

Ó tẹ̀ ẹ́. Òbìrí mìíràn tún yí. Lateefah dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń mí sí i létí. Lẹ́yìn náà ni fọ́tò là lójú kan náà, bí ìgbà tí ọyẹ́ bá ká kúrò lórí òkè. Lẹ́tà HD kékeré wà ní igun rẹ̀. Àjàmú fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, ó wá ọwọ́ ọ̀tún, ó wá ìlà ẹ̀yìn, ó ka èkíní, èkejì, ẹ̀kẹta. Gèlè tó wọ́.

Kò fọ́.

Ọmọdébìnrin ni. Ohun tó kọ́kọ́ rí nìyẹn: obìnrin náà kéré sí ọmọ tirẹ̀ tó gbẹ̀yìn. Àbàjà wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó mọ́ tónítóní. Kò wo ayàwòrán. Ó yí ojú sápá kan díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n pè látinú ilé, ètè rẹ̀ sì là, bóyá ó fẹ́ dáhùn. Etí rẹ̀ kan yọ jáde lábẹ́ gèlè. Ìsàlẹ̀ etí náà lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò rọ̀ sílẹ̀.

Àjàmú gbé ọwọ́ sókè, ó fọwọ́ kan etí ara rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," Lateefah ní, ó rọhùn. "Etí yín rèé."

"Mo rí i."

"Bàbá?" Abdulhameed ń pè. "Ṣé ó ti dé? Ó ti dé ọ̀dọ̀ tèmi. Mo ti fẹ̀ ẹ́, ó dúró. Kò ní tóbi bí ẹ ṣe fẹ́ o, bí mo bá fà á ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀."

Lateefah nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìborùn. Ó lọ bu omi wá. Àjàmú mu ún. Ó tún gbé fóònù sókè, kò sún un mọ́ imú lọ́tẹ̀ yìí. Ó fi ìka sún fọ́tò náà díẹ̀díẹ̀ láti orí ìyá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó tẹ̀ lé e. Ìyẹn ń rẹ́rìn-ín, eyín iwájú rẹ̀ là sí méjì. Èyí tó wà níwájú rẹ̀ di ọwọ́ mú ní àyà. Ẹnìkan gbé ọmọ dání, ọmọ náà ti mi orí nígbà tí wọ́n yà á, òun nìkan ni kò mọ́.

"Ta nìyí?" ó bi Lateefah.

"N ò mọ̀."

"Èyí ńkọ́?"

"Alhaja nìkan ló mọ̀ wọ́n, ẹ̀gbọ́n."

Ó sún un títí ó fi dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ wíńdò ti bo fọ́tò náà. Ojú obìnrin mẹ́rìnlá ló mọ́ kedere kó tó débẹ̀, láìka ti Ràbíátù mọ́ ọn. Kò sí ẹni tó kù láyé tó mọ orúkọ wọn.